Ọ̀rẹ́ Àtijọ́ Tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé Àwọn Àlejò

Ilé kan náà ni a jọ ń gbé ní Òkè Fíà: yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná kan, kànga kan tí gbogbo wa ń fa omi rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti jáde ní yunifásítì láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro Òṣogbo, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú ilé náà títí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ fi kù sí dẹ̀dẹ̀. A máa ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó sì máa ń bẹ̀ wá pé ká má sọ òun di arúgbó. Ìyàwó ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbà kí a kọ ọ́, ó kàn ní ká má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ń jẹ ẹ̀bà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ohùn kan wọlé lórí Wasáàpù, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìrò pé gbogbo wa ń gbọ́. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé ó dun òun. Ó ní, "Mo rí aṣọ ẹbí yín lọ́rùn ẹnì kan. Ó mà rẹwà o. Ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni?"

Ìyàwó da fóònù náà dojú dé ẹ̀gbẹ́ abọ́ ọbẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta kò fèsì.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹni tí a kàn mọ̀ rí. Ọmọ Iléṣà ni. Òun àti ìyàwó jọ gbé yàrá kan náà fún ọdún mẹ́ta, wọ́n jọ ń se ìrẹsì nínú ìkòkò kan, wọ́n jọ ń pín bẹ́ẹ̀dì nígbà tí òjò bá rọ̀ tí òrùlé bá ń jò. Ní ọdún kẹta, nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ ìyàwó kò pé tí gbèdéke sì ku ọjọ́ méjì, ọ̀rẹ́ yìí ló fi owó oúnjẹ rẹ̀ kún un. Nínú yàrá yẹn náà ni wọ́n ti jọ ń sọ pé, "Ìwọ lo máa jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó mi." Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ló ti sọ ọ́ fún ẹnì kan lóru ọjọ́ tí iná kò sí.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Wọn kò jà. Ẹnikẹ́ni kò gba ọkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan lọ sìn ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, èkejì dúró sí Òṣogbo. Ìpè ojoojúmọ́ di ìpè ọ̀sẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ di "ẹ kú ọdún", nígbà tó yá ó di kí wọ́n kàn máa wo àwòrán ara wọn láìsọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òwe yẹn kò sọ fún wa ohun tí ọ̀kan nínú ogún náà yóò wí fún ìkejì nígbà tó bá bi í pé, kí ló dé tí eré fi tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe bọ́ nínú ìwé, torí ọ̀pọ̀ nínú wa tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó rò pé ìyàwó ló ń jókòó tí ó ń yan ẹni tó wù ú. Irọ́ ni. A wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lórí ìwé ńlá kan lórí ilẹ̀ pálọ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà gba tábìlì 20, àga 10 yí tábìlì kọ̀ọ̀kan ká, èyí jẹ́ ènìyàn 200. Ìdajì jẹ́ ti ẹbí ọkọ, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Nínú 100 tó kù, bàbá ìyàwó gba 40 fún àwọn ará ilé wọn àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Màmá gba 35, torí ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n wà, wọ́n sì ti ń ra aṣọ ẹbí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn láti ọdún tí a kò tíì bí àwọn kan nínú wa. Gbèsè ni aṣọ yẹn. Ẹni tí o ná owó sí lọ́jọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi jókòó lọ́jọ́ tìrẹ. Ìyàwó fúnra rẹ̀, tí ó ń ṣe ìgbéyàwó, ku ènìyàn 25.

Nínú 25 yìí, àwọn tó máa tẹ̀lé e wọlé jẹ́ mẹ́fà, àwọn ará ibi iṣẹ́ jẹ́ méje, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà jẹ́ márùn-ún. Ó ku méje. Fún àyè méje yìí, orúkọ 13 ló wà nílẹ̀, a sì wà lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ mọ̀ pé àga tí ọ̀rẹ́ yẹn kò rí jókòó lé, àwa la jókòó lé e. A kò lè ṣe bí ẹni pé a kò sí níbẹ̀.

Ó fi bírò kọjá orúkọ rẹ̀, ó tún un kọ, ó tún fi bírò kọjá rẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Tí mo bá pè é, ta ni yóò jókòó tì í? Kò mọ ọkọ mi. N kò mọ orúkọ ẹni tí òun náà ń fẹ́." Bó ṣe parí nìyẹn.

Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa. Ẹnì kan ní kí ó má fèsì rárá, pé tí ìgbéyàwó bá kọjá, ọ̀rọ̀ náà yóò kọjá. Ẹlòmíràn ní kí ó ṣáà fi káàdì ìpè ránṣẹ́, kí àga di 201. A kò fara mọ́ èyí àkọ́kọ́ rárá, ṣùgbọ́n èkejì yẹn gba àròjinlẹ̀, torí ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ló tilẹ̀ ń ka àga? Alásè tí wọ́n gbà sọ fún màmá ìyàwó lójú wa pé òun kì í se oúnjẹ ènìyàn 200 fún àga 200, pé ti ènìyàn 250 lòun yóò se, torí mo-gbọ́-mo-yà. Àwọn tí a kò pè tí yóò wá, a ti ń se tiwọn sílẹ̀. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ "a kò pè ọ́" ṣòro láti sọ lédè wa ju bí ó ti rí níbi tí kò sí ẹni tó lè kọjá ẹnu ọ̀nà láìsí káàdì. Ọ̀rẹ́ rẹ yóò bi ọ́ pé: ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí yóò wá jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ, èmi tí mo bá ọ pín bẹ́ẹ̀dì ni àyè kò gbà?

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n fi dù ú. Àga tó ní orúkọ ni. Mo-gbọ́-mo-yà kò retí pé kí a pe òun sí iwájú, kò retí fọ́tò, inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́ tí wọ́n bá fi sí ẹ̀yìn lábẹ́ kánópì. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí a bá fi káàdì pè ń retí pé a ti mọ̀ pé òun ń bọ̀. Tí ó bá dé tí kò bá sí ẹni tí yóò dìde fún un, tí ó fi jókòó sí tábìlì àwọn ará ibi iṣẹ́ tí wọn kò bá a sọ̀rọ̀, yóò rí i fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin pé nǹkan ti yí padà, láìsí ẹni tó ní inú rere láti sọ ọ́ fún un. A ti rí irú rẹ̀ níbi ayẹyẹ kan rí. Ọmọbìnrin náà lọ kí wọ́n tó gé àkàrà òyìnbó, ó gbé ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fara mọ́ àga 201.

Ohun tí a fara mọ́ ni pé kí ó pè é, kí ó sì sọ òtítọ́ fún un.

Kí a tó lọ sí bí a ṣe ń sọ ọ́, ó yẹ ká sọ ẹni tí kò yẹ kí a sọ ọ́ fún. Tí ìwọ àti ẹnì kan kò bá tíì sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin, tí kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ, tí o wá pè é lọ́sàn-án gangan láti ṣàlàyé ìdí tí o kò fi pè é síbi ìgbéyàwó, ìgbéraga ni. O ti gbé ìrora tí kò ní fún un, o sì ní kí ó dárí jì ọ́ lé e lórí. Àlàyé tọ́ sí ẹni tó béèrè, ẹni tí o ti ṣe ìlérí fún rí, àti ẹni tí ó dájú pé yóò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn nítorí pé ọ̀rẹ́ kan náà ni ẹ ní. Ọmọ Iléṣà yìí jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí a bá sì fi eré díẹ̀ sí i, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ kì í gbàgbé. Àwọn bàbá wọn tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, torí wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ títí o ó fi san owó wọn. Ọ̀rẹ́ yìí lóṣòó sí ẹnu fóònù.

Ìyàwó kọ́kọ́ kọ èsì mẹ́ta, ó sì kà wọ́n fún wa. Gbogbo wọn la ní kí ó nù nù.

Àkọ́kọ́ ní, "Háà, ọ̀rẹ́ mi, má bínú, mo gbàgbé ni, ariwo ìmúrasílẹ̀ pọ̀." Irọ́ ni, ó sì burú ju òtítọ́ lọ. Ẹni tí a bá sọ fún pé a gbàgbé rẹ̀, a ti sọ fún un pé kò tó ohun tí a ń rántí. Èyí tó tún burú ni pé irọ́ náà ní àtúnṣe: yóò ní, "Ó dáa, o ti wá rántí mi báyìí, fi káàdì ránṣẹ́." Ibo lo fẹ́ gbà?

Èkejì ní, "Àwọn òbí mi ló gba gbogbo àyè." Ìdajì òtítọ́ wà níbẹ̀, bí ẹ ti rí i nínú ìṣirò wa. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ náà bá rí fọ́tò àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyàwó ní ọdún méjì péré, tí a wé gèlè tí a ń jó, yóò mọ̀ pé kì í ṣe bàbá ló pè wá. Àwáwí tí fọ́tò lè tú ká lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má lò ó lọ́jọ́ Ajé.

Àsìkò kan wà tí àwáwí yìí jẹ́ òtítọ́ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìgbéyàwó lásìkò àrùn kòrónà yóò rántí. Nínú òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2021, àpéjọ inú gbọ̀ngàn kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 50 lọ. Ìyá kò lè pe ẹgbẹ́, bàbá kò lè pe ará ibi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì bínú, ó kéré tán kò lè sọ ọ́ jáde, torí ìjọba ló lé e. Àwọn kan kọ́ nígbà náà pé ìgbéyàwó kékeré dùn, kò sì jẹni ní gbèsè, wọ́n sì fẹ́ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àlejò díẹ̀ lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èsì kẹta ló gùn jù, òun náà ló sì léwu jù. Ó to gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sínú rẹ̀: ọjọ́ tí òun ṣàìsàn tí ọ̀rẹ́ náà kò pè, ọjọ́ ìbí tó gbàgbé, ìgbà tó wá sí Òṣogbo tí kò yà sílé. Nígbà tí ó ń kà á, ohùn rẹ̀ ń le sí i. A bi í pé ṣé òun pè nígbà tí màmá ọ̀rẹ́ náà ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ó dákẹ́. Tí o bá fẹ́ ṣàlàyé pẹ̀lú inú rere, má ṣe mú ìwé ẹ̀sùn lọ. Àtòjọ ẹ̀ṣẹ̀ a máa sọ àga tí kò tó di ìjìyà, ẹni tí o bá sì fi ìyà jẹ yóò wá ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ náà jáde, yóò sì rí i.

Ẹnì kan nínú wa ní kí ó ṣáà pè é sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ẹni yìí ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó sì sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń so yìgì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní ọ́fíìsì ìjọba, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ọ̀sán. Ó kéré tán, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń so wọ́n pọ̀. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ kò ní káàdì, ẹnikẹ́ni lè wọlé. Nínú mọ́sáláṣí náà, ẹni tó bá bá wọn kírun kò nílò káàdì kó tó jókòó gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń so yìgì. Àsè nìkan ló ní ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó tọ́ láti mọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò gbà wá lọ́wọ́ ìṣòro yẹn. Láti ìgbà tí a ti ń lọ sí òde ní Òṣogbo, a kò tíì rí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Iléṣà wá gbọ́ ìwàásù, tí yóò sì padà sílé nígbà tí àwọn yòókù ń lọ sí gbọ̀ngàn. Tí o bá sọ pé "wá sí ṣọ́ọ̀ṣì" láìsọ ìyókù, yóò rò pé o ti pè é síbi gbogbo rẹ̀, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni yóò ti mọ̀. Tí o bá fẹ́ sọ ọ́, sọ ọ́ tán: ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ṣíṣí, inú mi yóò dùn láti rí ọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní àga fún ọ níbi àsè. Ìyàwó ní òun kò lè la ẹnu sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìjú. A ní kí ó fi í sílẹ̀ nígbà náà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú ló pè é. Kì í ṣe pé ó kọ̀wé o, ó pè é ni, torí àkọsílẹ̀ kò ní ohùn. Ẹni tó ń bínú yóò fi ohùn tirẹ̀ kà á, wọn yóò sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò rán wa níṣẹ́ pẹ̀lú. Nínú àṣà wa, a máa ń rán ẹni sí ẹni láti lọ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ẹni tó bá rán wa yóò sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì di ọ̀rọ̀ ilé. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. A kò jìnnà, a kò purọ́.

Ó kí i, ó béèrè ara màmá rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò yí ọ̀rọ̀ ká. Ó ní:

"Mo gbọ́ ohùn rẹ láti ọjọ́ Àìkú. Ojú ló tì mí ni n kò ṣe fèsì. N kò gbàgbé rẹ. Àyè méje ló kù mí, mo fi orúkọ rẹ sí i, mo sì yọ ọ́. Èmi ni mo yọ ọ́, kì í ṣe ẹlòmíràn. Àwọn tí mo pè ni àwọn tí mo ń rí lójoojúmọ́ báyìí, tí wọ́n mọ ọkọ mi. Èmi àti ìwọ ti jìnnà síra, kò sì sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì. Mo mọ̀ pé mo ṣe ìlérí fún ọ rí. N kò mú un ṣẹ, má bínú. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí o bá mi san ní ọdún kẹta, mo ṣì ń sọ ọ́ fún ọkọ mi."

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí. Ó tọrọ ìdáríjì fún ìlérí àti fún ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, torí ó ṣẹ̀ níbi méjèèjì. Kò tọrọ ìdáríjì fún yíyàn tó yàn. Tí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn, ọ̀rẹ́ náà yóò bi í, tó sì tọ́, pé kí ló dé tí kò tún un ṣe. Ìdí kan péré ló sọ, ìdí náà sì jẹ́ òtítọ́ tí kò sí fọ́tò tó lè tako. Kò sì ní "tí a bá ń sọmọ lórúkọ, ìwọ ni màá kọ́kọ́ pè." A ti kìlọ̀ fún un nípa èyí tẹ́lẹ̀, torí ìlérí ló kó o sínú ọ̀ràn yìí, kò yẹ kó tún fi òmíràn jáde.

Ti owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló fa àríyànjiyàn jù láàárín wa, kò sì tíì tán títí di òní. Ọ̀kan nínú wa gbà pé ẹni tó san owó fún ọ kí wọ́n má bàa lé ọ nílé ẹ̀kọ́, àga rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó o tó ra bírò tí o fi ń kọ orúkọ, kódà bí ẹ kò bá tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní bí gbèsè aṣọ ẹbí bá lè mú kí màmá gba àyè 35, kí ló dé tí gbèsè inú rere kò lè gba ẹyọ kan? A kò rí ìdáhùn tó fi bẹ́ẹ̀ múná dóko fún un. Ohun tí àwa yòókù rò ni pé àwo ìrẹsì kan kò lè san gbèsè yẹn, àti pé ẹni tí o bá pè nítorí gbèsè yóò mọ̀ pé nítorí gbèsè ni. Ṣùgbọ́n a gbà pé ó rọrùn fún wa láti rò bẹ́ẹ̀, torí àwa la wà lórí àga.

Ọ̀rẹ́ náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó fi wo fóònù bóyá ó ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dùn mí o. N kò ní purọ́ fún ọ." Ìyàwó ní, "Mo mọ̀." Kò sáré láti tù ú nínú, kò sì ní kí ó má jẹ́ kó dun òun. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ náà béèrè àwọ̀ gèlè, wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa gèlè fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹni pé ìyẹn ni wọ́n torí ẹ̀ pe ara wọn. Nígbà tí ìyàwó wọlé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀, ó lọ fọ abọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó kò pè, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́, a mọ̀ torí ọwọ́ ọ̀kan nínú wa ni fóònù ìyàwó wà láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n fi wọ mọ́tò lọ. Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ohùn kan wọlé láti Iléṣà. Ó ń béèrè bóyá ìyàwó ṣì ní nọ́ńbà olùkọ́ kan tó kọ́ wọn ní ọdún kejì, torí òun fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Ìyàwó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, ó sì béèrè ojú màmá. Ó ní ojú ti ń ríran dáadáa.